Ọjà tó dín ní ₦1,514,000 n'Íjẹ̀bú-Òde, àti ibi tí owó náà lọ

Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024 la ka ọjà, ọjọ́ Túsìdeè ni, gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló sì fẹ́ lọ ṣe àìsùn ọdún tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Látìgbà tó ti lu aago mẹ́jọ ni wọ́n ti ń wo ojú mi, wọ́n á wo fóònù, wọ́n á tún wo ojú mi. Ṣọ́ọ̀bù pírófíṣàn ni o, lápá Òkè-Ajé níbí, wọ́n ń tà lódidi wọ́n ń tà lẹ́yọ: ìrẹsì, òróró, tòmátì alágolo, sùpàgẹ́tì, mílíìkì, kòkó mímu. Èmi ni mò ń bá Àlàájà tó ni ín ṣe ìwé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo máa ń lọ, ọdún 2024 yẹn ló sì jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ tá a fi káàdì sítọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn ni pé ọjà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tiẹ̀, ó wọlé a kọ ọ́, ó jáde a kọ ọ́, iye tó yẹ kó kù wà lójú káàdì nígbàkigbà.

Nígbà tí mo kó gbogbo káàdì pọ̀, ọjà tó yẹ kó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦14,860,000, iye tá a rà á ni mò ń sọ o, kì í ṣe iye tá a máa tà á. Èyí tá a kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn jẹ́ ₦13,346,000. Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ₦1,514,000 ló dín.

Mo pe Àlàájà lórí fóònù, wọn ò tíì sùn. Wọn ò kí mi kú iṣẹ́. "Lèsí kó o?" Ìgbà tí Àlàájà bá ti kúrò ní Yorùbá gbogbogbòò tí wọ́n bọ́ sí Ìjẹ̀bú pọ́nbélé, ẹ yáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé orí. Mo ní Mọ́mì ẹ fara balẹ̀, mi ò tíì mọ̀ bóyá ẹnì kankan kó nǹkan kan. Wọ́n ní èwo ni mi ò mọ̀, ṣé ọjà ní ẹsẹ̀ ni?

Ó rọrùn gan-an láti parí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn o. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti kọ jọ́nà sílẹ̀ kí n tó gbé fóònù kúrò létí: débíìtì àdánù ọjà ₦1,514,000, kírẹ́díìtì àkáǹtì ọjà ₦1,514,000, ó parí, ìwé ti bá ilẹ̀ mu, ká máa lọlé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe é báyẹn. Òótọ́ ni pé àkáǹtì ọjà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé iye ọjà tó wà nílẹ̀ ní ti gidi, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jiyàn ìyẹn, torí o ò lè kọ ọ́ sínú ìwé ọdún pé o ní ọjà tí ò sí. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ débíìtì, níbẹ̀ niṣẹ́ wà. Kí ni ká pe owó yẹn? Àdánù jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ tó lè jẹ́, àmọ́ ó lè jẹ́ ìwé tá a kọ ṣáájú ọjọ́ ẹ̀, ó lè jẹ́ ọjà tí ọ̀gá fúnra ẹ̀ mú lọlé, ó lè jẹ́ pé a ò mọ̀ ọ́n kà. Mo ní kí ọmọ náà fagi lé jọ́nà yẹn, ká padà wá ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, tẹ́nì kankan ò ní tà tẹ́nì kankan ò ní rà. Mo ti kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì tá a kọ gbẹ̀yìn àti nọ́ńbà rìsíìtì títà tá a já gbẹ̀yìn sílẹ̀, mo sáìn sí i, mo ní kí ọmọ tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ sáìn sí i pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ ka ọjà tí ò ṣe èyí, ó kàn ń fi ara ẹ̀ ṣeré ni.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó wọ sítọ́ọ̀ rárá, mo kọ́kọ́ jókòó ti káàdì. Mi ò wo àpapọ̀ owó, ọjà tó dín lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo wò àti iye tó fi dín. Tòmátì alágolo dín ní páálí 40. Sùpàgẹ́tì dín ní páálí 10. Ìrẹsì dín ní àpò 4. Òróró dín ní kẹ́ẹ̀gì 2, òróró inú ìgò sì dín ní ìgò 60. Mílíìkì oníyẹ̀fun dín ní páálí 3, kòkó mímu náà 3. Ọjà yòókù bá káàdì mu.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, tó bá rí 40 yẹn, ara ẹ̀ á fu. Olè kì í jí nǹkan ní 40 géérégé. Páálí tòmátì wúwo, ó sì máa ń gba àyè, tó o bá fẹ́ gbé 40 jáde o máa nílò bọ́ọ̀sì. Tí ohun tó dín bá ti bá iye tó wà lórí ínfọ́ìsì kan mu régí, má wá olè, wá bébà. Mo ṣí fáìlì ínfọ́ìsì oṣù Kejìlá, òun náà ló wà lókè pátápátá: ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, tòmátì alágolo páálí 40, ₦14,000 ọ̀kan, ₦560,000. Sápíláyà ti fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ sórí Wàsáàpù, ọmọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ ẹ́ jáde, ó kọ ọ́ sórí káàdì pé ó ti wọlé. Ọjà náà ńkọ́? Mọ́tò tó gbé e bàjẹ́ ní ìpàdé ọ̀nà Ṣàgámù, àárọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ló tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo wá ìwé tí wọ́n fi ń gba ọjà wọlé, èyí tí ẹni tó gbà á á sáìn, kò sí. Ìwé náà ló yẹ kí wọ́n fi kọ káàdì, kì í ṣe ínfọ́ìsì.

Ìbéèrè tó kù ni pé lọ́jọ́ 31, ta ló ni tòmátì tó wà lọ́nà yẹn? Èyí kì í ṣe ohun téèyàn ń fi orí sọ, àdéhùn rírà ló máa sọ ọ́. Àdéhùn ti Àlàájà pẹ̀lú sápíláyà yìí ni pé òun ló máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí ohunkóhun bá ṣe é lọ́nà tiẹ̀ ni, ọjà kò di tiwa títí a ó fi gbà á. Nítorí náà lọ́jọ́ 31 kò sí ọjà, kò sì sí gbèsè, ńṣe la kàn kọ méjèèjì ṣáájú àsìkò. A yọ méjèèjì kúrò: débíìtì àkáǹtì sápíláyà ₦560,000, kírẹ́díìtì àkáǹtì ọjà ₦560,000, a sì tún un kọ padà lọ́jọ́ 2 nígbà tí mọ́tò dé. Èrè ò mọ̀ sí i rárá. Ká ní àdéhùn ni pé àwa la lọ gbé e ní Èkó, pé látìgbà tí wọ́n ti kó o sínú mọ́tò ló ti di tiwa ni, ọ̀tọ̀ ni bá a ṣe máa ṣe é: gbèsè yẹn á dúró, páálí 40 yẹn la máa fi kún ọjà tá a kà, bó tilẹ̀ jẹ́ Ṣàgámù ló sùn sí. Èyí ó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, kì í ṣe àdánù. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ti fẹ́ fi ₦560,000 jẹ èrè Àlàájà lálẹ́ àná.

A wá wọ sítọ́ọ̀. Mo ní ká ka gbogbo ohun tó dín lẹ́ẹ̀kan sí i, àti àwọn ọjà olówó ńlá tí ò dín pàápàá, mo sì pààrọ̀ àwọn tó ń kà: ẹni tó ka apá ọ̀tún lánàá kò tún ní kà á lónìí. Sùpàgẹ́tì páálí 10, ẹ̀yìn ìrẹsì la ti rí i, wọ́n tò ó mọ́ ògiri, wọ́n sì to àpò ìrẹsì bò ó mọ́lẹ̀. ₦18,000 ọ̀kan, ₦180,000. Ìyẹn ò gba jọ́nà kankan, ìwé ò ṣẹ̀, àwa tá a kà á la ṣẹ̀, a kàn tún bébà kíkà ṣe ni.

Inú wa ṣì ń dùn nígbà tá a dé ìdí mílíìkì. Lálẹ́ àná ńṣe ni wọ́n dúró síwájú òkìtì páálí, wọ́n ka iye tó wà lójú, wọ́n ka iye tó wà lókè, wọ́n fi ìkan sọ ìkejì di púpọ̀, wọ́n kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Páálí òkè sọ̀ kalẹ̀, ó wúwo bó ṣe yẹ. Ìlà kejì náà sọ̀. Ní ìlà tó kángun sí ilẹ̀, lápá ẹ̀yìn, ọmọkùnrin tó ń gbé e ti fi agbára ki ọwọ́ bọ abẹ́ páálí, páálí náà kàn fò sókè bí ẹni gbé fìlà, òun gan-an fẹ́ẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. Òfìfo ni. Wọ́n ti ṣí i láti ìsàlẹ̀, wọ́n kó gbogbo inú ẹ̀, wọ́n fi sélótéèpù lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa, wọ́n dojú ìsàlẹ̀ kọlẹ̀. Sélótéèpù tiwọn mọ́lẹ̀ kedere, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe mílíìkì sì jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, àmọ́ ta ló ń wo abẹ́ páálí? Mẹ́rin la rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà mílíìkì tó dín lọ sí 7, kì í ṣe 3. ₦26,000 ni páálí kan, mẹ́rin tó fi kún un jẹ́ ₦104,000. Ká ro ó báyìí: ₦1,514,000 ti àná, yọ ₦180,000 ti sùpàgẹ́tì kúrò, fi ₦104,000 ti páálí òfìfo kún un, ó di ₦1,438,000. Ọjà tó wà nílẹ̀ ní ti gidi jẹ́ ₦13,422,000. Ẹ ṣàkíyèsí pé àṣìṣe kíkà lè lọ sápá méjèèjì, àtúnkà kì í ṣe kí ohun tó dín lè kéré ṣá.

Ó ku ìrẹsì àpò 4 àti òróró kẹ́ẹ̀gì 2. Àpò ìrẹsì oníkìlógíráàmù 50, ta ló fẹ́ gbé e kọjá níwájú Àlàájà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀? Èmi ti ń fura, àmọ́ ẹnu ò gbà mí láti sọ ọ́. Ìgbà tá a ń tún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ṣe la rí i, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pákó, ó ti ń parẹ́: "Alaja raisi 4 ororo 2 ojude oba". Ọmọ tó kọ ọ́ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ látọdún tó kọjá, àmọ́ ó ṣe iṣẹ́ ẹ̀, Ọlọ́run á ṣe é ní oore. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2024 ni Ojúde Ọba ọdún yẹn, ọjọ́ kẹta Iléyá bó ṣe máa ń rí, Àlàájà àti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn sì gbàlejò lọ́jọ́ náà bí wọ́n ṣe máa ń gbà á, ẹni tó bá gbé Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé ìkòkò kì í sọ̀ nínú ilé irú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn lásìkò yẹn.

Mo gbé e tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú ọgbọ́n. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì tẹ́ ẹ fi gbàlejò Ojúde Ọba, níbo la ti rà á?"

"Rà á bawo? Èmi tí mo ń ta ìrẹsì, kí n wá lọ ra ìrẹsì lọ́jà?"

"Ẹ ò ṣèkan tó burú, Mọ́mì. Ṣé ẹ sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ ọ́?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọjà mi kọ́ ni?"

Tiwọn ni, kò sí iyàn níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan ni, kò sí kóńpìnì kankan tí wọ́n fi dá sílẹ̀, tí ọ̀gá bá mú ọjà lọlé kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe títà. Àmọ́ kì í ṣe àdánù náà. Ohun tí ìwé ń pè é ni ohun tí olówó mú jáde nínú òwò, ó ń dín owó tiwọn tó wà nínú òwò kù ni, kò kan èrè. Débíìtì àkáǹtì ohun tí Àlàájà mú, kírẹ́díìtì àkáǹtì ọjà, ní iye tá a rà á. Ìrẹsì 4 ní ₦88,650 jẹ́ ₦354,600, òróró 2 ní ₦62,700 jẹ́ ₦125,400, gbogbo ẹ̀ ₦480,000. Iye tó wà lójú káàdì lọ́jọ́ 31 ni mo lò, ìyẹn iye ìpíndọ́gba tí à ń tún ṣírò nígbàkigbà tí ọjà tuntun bá wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fínnífínní á padà sí oṣù Kẹfà, nígbà tí ìrẹsì ò tíì wọ́n tó bẹ́ẹ̀, á fi iye ìgbà yẹn yọ ọ́, ìyàtọ̀ tó bá kù á wọ inú kọ́ọ̀sì ọjà tá a tà lẹ́yìn ìgbà náà. Èmi ò ṣe é débẹ̀, mo kàn kọ ọ́ sísàlẹ̀ bébà pé báyìí ni mo ṣe é, kí ẹni tó bá máa yẹ̀ ẹ́ wò lè mọ̀.

Ti òróró inú ìgò ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀, ó jọ kékeré ni, àmọ́ òun nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ lójú gbogbo wa. Kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́ lítà 25. Wọ́n ń dà á sínú ìgò 75cl tà lẹ́yọ. Tó o bá fi kálíkúlétọ̀ pín in, ìgò 33 ló máa ń jáde àti díẹ̀ lé, bí a sì ṣe kọ ọ́ sórí káàdì nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀ ọdún: kẹ́ẹ̀gì 1 jáde, ìgò 33 wọlé. Kẹ́ẹ̀gì 60 la ṣí ní 2024. Ìgò 60 ló dín. Ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan.

Àlàájà ti dá ọmọbìnrin tó ń da òróró lẹ́bi, wọ́n ní ó ń bu ún lọlé. Mo ní ká gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá síwájú gbogbo wa. Ọmọbìnrin náà da, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, arọ́ wà lẹ́nu ìgò. Ó kún ìgò kìíní dé ọrùn pátápátá. Mo ní kí ló dé tó o fi kún un débẹ̀? Ó ní àwọn kasítọ́mà ò ní gbà á tí kò bá dé ọrùn, wọ́n á ní a rẹ́ àwọn jẹ. Mo da ìgò yẹn padà sínú jọ́ọ̀gì tó ní ìlà, 78cl ló wà níbẹ̀. Ìgò 75cl téèyàn bá kún un dé ẹnu máa ń gbà ju 75 lọ, wọ́n fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. A da títí kẹ́ẹ̀gì fi tán, èyí tó lẹ̀ mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó kán sórí arọ́ kán, ìgò 32 ló jáde. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un, mo kàn ní kó lọ fọwọ́.

Ìgò 60 ní ₦1,900 jẹ́ ₦114,000. Èyí wọ èrè lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tó sọnù, bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí nìyẹn, ó jẹ́ ara ohun tó ń náni láti ta òróró lẹ́yọ, nítorí náà kọ́ọ̀sì ọjà tá a tà ni mo dẹ́bíìtì, mi ò fi í sínú àkáǹtì àdánù. Tó o bá kó o pọ̀ mọ́ olè, lọ́dún tó ń bọ̀ wàá tún máa wá olè tí ò sí. A sì yí káàdì padà látọjọ́ 2 oṣù Kìíní: kẹ́ẹ̀gì 1 jáde, ìgò 32 wọlé. Ní ₦62,700, ìgò kan kì í ṣe ₦1,900 mọ́, ó ti di ₦1,959 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Ìyẹn ni pé látọdún tó kọjá ni Àlàájà ti ń fi iye tí ò pé ṣe òdiwọ̀n iye tí wọ́n á tà á.

Ohun tó wá kù tó jẹ́ àdánù ní tòótọ́ ni mílíìkì páálí 7, ₦182,000, àti kòkó mímu páálí 3 ní ₦34,000 ọ̀kan, ₦102,000. Àpapọ̀ ₦284,000. Ọjà kékeré tó ṣeé kó sínú báàgì, tó níye lórí, tí wọ́n lè tún tà nílé kejì láìsí pé ẹnì kan béèrè. Báyìí ni jọ́nà ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024 ṣe rí nígbà tó parí:

Débíìtì sápíláyà (tòmátì tí kò tíì dé): ₦560,000
Débíìtì ohun tí olówó mú: ₦480,000
Débíìtì kọ́ọ̀sì ọjà tá a tà (òróró ìgò): ₦114,000
Débíìtì àdánù ọjà: ₦284,000
Kírẹ́díìtì àkáǹtì ọjà: ₦1,438,000

Mo lẹ bébà kíkà méjèèjì mọ́ ọn lẹ́yìn, ti alẹ́ àti ti ọjọ́ kejì, mo lẹ ẹ̀dà ínfọ́ìsì, mo ya fọ́tò ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àti ti páálí òfìfo, Àlàájà sáìn sí i. Èrè ọdún yẹn kí á tó ṣe nǹkan kan jẹ́ ₦3,210,000. Ká ní jọ́nà alẹ́ àkọ́kọ́ la lò, ì bá wálẹ̀ sí ₦1,696,000. Èyí tó jáde gangan jẹ́ ₦2,812,000. Àkáǹtì ọjà á sì fẹ́ẹ̀ jọra nínú méjèèjì o, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ.

A ò tíì parí, torí awuyewuye mẹ́ta ló tún dìde lórí ₦284,000 yẹn. Ọmọ Àlàájà tó wà l'Ékòó pè, ó ní ṣé a ò lè fi í sílẹ̀ kó wọ 2025, kí èrè 2024 lè dáa lójú, ó ní òun fẹ́ fi ìwé yẹn yá owó. Mo ní rárá ẹ̀gbọ́n. IAS 2 tó jẹ́ òfin ìwé lórí ọjà sọ ọ́ kedere pé ọdún tí àdánù ọjà bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí ìnáwó. Tá a bá sì fi í sílẹ̀, ọjà ìparí 2024 á ga ju bó ṣe yẹ lọ, èrè 2024 á ga, ọjà yẹn kan náà ló sì máa di ọjà ìbẹ̀rẹ̀ 2025, á wá bọ́ sára èrè 2025. Kò sọnù, ó kàn sún síwájú ni, báǹkì sì lè rán èèyàn wá ka ọjà.

Àlàájà ní tiwọn ní kí n kọ ọ́ ní iye tí wọn ì bá tà á, wọ́n ní àwọn ti pàdánù èrè orí ẹ̀ náà. Ó yé mi pé ó ń dun wọ́n, àmọ́ èrè tí a ò tíì jẹ kò sí nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, a ò lè yọ ohun tí a ò fi síbẹ̀. Iye tá a rà á ló wà lójú káàdì, òun nìkan ló lè jáde.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Àwọn méjì ló ń mú kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀, Àlàájà ní ká pín ₦284,000 sí méjì, ₦142,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká máa yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn, kí n sì kọ ọ́ pé wọ́n jẹ wá lówó ká lè yọ àdánù kúrò. Mo bẹ̀ wọ́n. Lákọ̀ọ́kọ́, òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, Lébọ̀ Áàtì, abala 5, kò gba ẹni tó gbani síṣẹ́ láyè láti kàn máa yọ irú owó bẹ́ẹ̀, àfi tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ fà á tàbí tó jẹ́ àìbìkítà ẹ̀ ló fà á, àní nígbà yẹn náà ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, iye tẹ́ ẹ bá sì máa yọ gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. A ò mọ ẹni tó ṣe é. Ìkejì, ti ìwé gan-an, gbèsè tí ẹni tí wọ́n ní ó jẹ ọ́ kò gbà pé òun jẹ ẹ́, tí kò sẹ́ni tó lè fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe ohun ìní. Ẹ kọ àdánù lódindi lónìí. Tí ẹnì kan bá san nǹkan lọ́la, tàbí ó fọwọ́ ara ẹ̀ sáìn pé òun á san, jọ́nà tiẹ̀ á wà lọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà: débíìtì owó tàbí gbèsè ẹni yẹn, kírẹ́díìtì àdánù ọjà tá a rí gbà padà. Àkáǹtì ọjà kò ní gbọ́ sí i mọ́, torí mílíìkì náà kò padà wá.

Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n yínmú. "O ṣáà ń gbèjà wọn, ọkọ mi." Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò wá síbi iṣẹ́ mọ́ láti oṣù Kejì, kò gbé owó oṣù tó kù, a pe fóònù ẹ̀ kò wọlé. Mi ò sọ pé òun ni o.

Ohun kan tí Àlàájà sọ lọ́jọ́ tí wọ́n sáìn kò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní láyé àtijọ́ tí àwọn ò lo káàdì kankan, ọjà ò dín rí. Ó sì jọ òótọ́ nínú ìwé wọn. Nígbà yẹn ọjà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á fi ọjà tí wọ́n rà kún un, wọ́n á yọ ọjà ìparí tí wọ́n kà, ohun tó bá kù ni wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀sì ọjà tí wọ́n tà. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí wọ́n jí, ohun tí wọ́n fi gbàlejò, òróró tó kán sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti wọ inú ẹ̀, wọ́n kà á mọ́ ohun tí wọ́n tà. Jọ́nà kankan ò sí torí ìṣírò yẹn ti gbé e mì. Mo wo ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èrè orí ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n tà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ti sọ fún mi nígbà kan pé àwọn kasítọ́mà ayé òde òní ti ń ná ọjà jù.

Látìgbà náà, mílíìkì àti kòkó mímu là ń kà lóṣooṣù, a kì í dúró de Oṣù Kejìlá, gbogbo páálí ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n so mọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀kì yẹn wà, fún ohun tó bá ń lọ sílé.

Ojúde Ọba 2025 bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, Sọ́ńdè. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ẹ̀ mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, Àlàájà ní kí wọ́n gbé ìrẹsì 5 àti òróró 3 sínú mọ́tò. Ọmọ náà gbé e, ó wá padà wá dúró níwájú wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí wọn, ó kúnlẹ̀. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wò mí, wọ́n pòṣé, wọ́n sì ní kó bá àwọn wá bírò.